Ẹ̀wà Kóńgò ní Ọjà Bódìjà

Ọjọ́ Sátidé. Láti ìgbà tí mo ti Àkúrẹ́ wá kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo ń rò jù, nítorí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé kò pọ̀. Agbowó, tó kọjú sí ẹnubodè ilé-ẹ̀kọ́, ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rajà, agolo mílíìkì ni àwọn kan sì fi ń wọn ẹ̀wà níbẹ̀. Owó agolo kan kì í dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣírò iye agolo tó ń kún kóńgò kan yóò rí i pé ẹni tó ń rà á ní díẹ̀díẹ̀ gan-an ló ń náwó jù.

Ìdí nìyí tí àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé yàrá fi dáwó jọ, tí wọ́n sì rán mi ní Bódìjà lónìí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ẹ̀wà àti àgbàdo tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya, nítorí náà ọjà máa ń pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìtòsí wa lọ. Owó máíkírà ni kí ènìyàn ṣọ́ra fún, torí pé ẹni tó bá lọ ra kóńgò kan ṣoṣo lè fi gbogbo ẹ̀dínwó rẹ̀ wọkọ̀.

Mo bu ẹ̀wà olóyin ẹ̀kún ọwọ́ kan, mo sì jẹ́ kó máa dà padà sínú àpò láàrin ìka mi. Bí ìyẹ̀fun bá kù sí àtẹ́lẹwọ́, tàbí tí hóró bá ní ihò wínníwínní, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń ṣú, kì í sì í tètè jinná, owó tí a rò pé a dín kù a sì bá gáàsì lọ. Èyí tó bá ń rùn bí oògùn apakòkòrò, mi ò ní dúró ná an rárá, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú nìkan kò lè mọ gbogbo rẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo inú kóńgò yín.”

Ìyá oníẹ̀wà rẹ́rìn-ín. “Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Mi ò lu ìdí tèmi wọnú.”

Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ tẹ́jú. Wọn kò dín owó kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ fún èènì, wọ́n bu ẹ̀kún ọwọ́ méjì tó tóbi kún un.

Kí a tó sè é lọ́la, a ó rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí díẹ̀ kó lè tètè rọ̀, a ó sì ṣa èyí tó bá léfòó dànù. Àgbàdo tí mo rà pẹ̀lú rẹ̀ ni a ó fi ṣe àdàlú. Ní ti ẹ̀fọ́, Agbowó náà ló dára, ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn tó ń tà á kò fẹ́ kó rọ mọ́ wọn lọ́wọ́.