Òpó Màpó lára aṣọ: ètò ìpolówó ìsọ̀ wa

Ọjọ́rú, lálẹ́.

Ìyá Aláró fẹ́ kí n kọ iye aṣọ sí ohun tí a máa kọ́kọ́ gbé sórí Wọ́sáàpù lọ́la. Mo ní kò tíì yá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé à ń fi nǹkan pamọ́ ni?" Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, mà. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ìpàtẹ ọjà Mókọ́lá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ iye rẹ̀ báyìí yóò ti ní ó wọ́n, kó tó fọwọ́ kan aṣọ náà rárá.

Àwòrán kan ṣoṣo ni a máa fi ta àwọn oníbàárà lólobó. Mo gbé fóònù sún mọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ "Ìbàdàn dùn" títí tó fi jẹ́ pé òpó Gbọ̀ngàn Màpó nìkan ló kù nínú rẹ̀, funfun lórí aró. Ẹ óò rí ibi tí ìyẹ́ adìyẹ ti gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹ̀kọ ya á. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ:

"Òpó Màpó ń bọ̀ ní Mókọ́lá. Ẹ fi nọ́ńbà yìí pamọ́, kí ẹ sì kọ ÀDÌRẸ ránṣẹ́ sí wa."

Gbólóhùn kejì yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Sítátọ́ọ̀sì kì í ju wákàtí 24 lọ tó fi ń parẹ́. Broadcast ni a máa fi rán wọn létí, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà wa nínú fóònù rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ÀDÌRẸ ránṣẹ́ ni mo ń wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹni tó máa rà. Àkójọ nọ́ńbà àwọn ará Ìbàdàn wà lọ́tọ̀, ti àwọn tó máa ti Abẹ́òkúta àti Ọ̀yọ́ wá náà wà lọ́tọ̀. Àwọn ará ọ̀nà jíjìn ni mo máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, torí wọ́n ní ọkọ̀ láti wọ̀.

Pósítà yóò jáde ní Mọ́ńdè, lórí ìwé A3. Ibẹ̀ ni iye máa wà, torí ẹni tó bá dúró kà á ti ń ronú ohun tó máa mú dání:

ÌBÀDÀN DÙN LÁRA AṢỌ
Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọwọ́ la fi ya á
Sátidé 14 àti Sọ́ńdè 15, oṣù kọkànlá
Gbọ̀ngàn Àṣà, Mókọ́lá
Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́
Láti ₦15,000
ÌSỌ̀ ____

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè ìsọ̀ sílẹ̀ ni. Àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ lè fún èèyàn ní nọ́ńbà lónìí kí wọ́n tún gbé e lọ síbòmíràn lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjà. Tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ pósítà, ó di ọ̀rọ̀ píparẹ́, píparẹ́ kì í sì í fani mọ́ra. Máákà dúdú ni mo máa fi kọ ọ́ tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo lẹ èyí tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́ ògiri, mo rìn sẹ́yìn dé ojú ọ̀nà. Orí ọ̀rọ̀ hàn ketekete, àmọ́ déètì ò ṣeé kà, ni mo bá yọ ìlà tó ń sọ ìtàn aró kúrò kí déètì lè tóbi. Dídùn ni ìtàn yẹn o, àmọ́ ẹnu ìsọ̀ ni ká ti máa sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ ni a máa lẹ̀ ẹ́ sí, pẹ̀lú àṣẹ wọn, láti Mókọ́lá dé Òkè-Àdó. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ télọ̀ ti ní aṣọ lọ́kàn, télọ̀ fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé iṣẹ́ òun ló ń bọ̀ yẹn.

Ìránnilétí Fúráìdè, aago méje alẹ́, kò tún ní polówó ohunkóhun:

"Ọ̀la ni o. Tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, ẹ wo aṣọ aró tó ga ju orí èèyàn lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni a wà. Ẹ mú báàgì dání."

Ti Sọ́ńdè yóò dúró di aago mọ́kànlá ààbọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá ń túká. Tí mo bá fi ránṣẹ́ ṣáájú ìyẹn, yóò wà lábẹ́ gbogbo "ẹ kú Ọjọ́ Olúwa" tó ń wọlé láàárọ̀.

Ìyá Aláró ní ká kúkú dín owó kù nínú èyí tó kẹ́yìn yìí. Mo bi wọ́n pé kí ni a fẹ́ wí fún ẹni tó ti rà ní Sátidé, torí inú àkójọ kan náà tí a ń fi broadcast ránṣẹ́ sí ni nọ́ńbà rẹ̀ wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé aṣọ orí tí yóò bá ìró mu wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ra méjì, láti Sátidé títí dé Sọ́ńdè, kí n sì kọ ọ́ sínú ti Fúráìdè náà.