Ìyà tiwa, òṣèlú tiwọn: ẹ̀kọ́ tí ìyá aláta kan kọ́ mi ní Ìpata

Ọdún 11 ni mo fi ṣe akọ̀ròyìn ní iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá aláta kan ní Ọjà Ìpata ni mo ti kọ́ ọ, kì í ṣe nínú yàrá ìròyìn.

Ìdìbò ku oṣù mélòó kan nígbà náà, wọ́n sì rán mi pé kí n lọ gba ohùn àwọn aráàlú wá. Ìbéèrè méjì ni mo gbé dání. Mo kọ́kọ́ béèrè ohun tí òṣèlú ìpínlẹ̀ Kwara dá lé lórí, lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tó ń ni wọ́n lára jù nínú ilé wọn. Ìyá náà ń ṣa tàtàṣé tó ti bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dára bó ṣe ń dá mi lóhùn. Ó ní òṣèlú tó wà nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹkùn tí gómìnà yóò ti wá, pé àwọn ará Àríwá Kwara ń sọ pé ó ti tó kí ó kan àwọn, nítorí láti ọdún 1999 kò tíì sí gómìnà kan tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Nígbà tí mo dé orí ìbéèrè kejì, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: omi ni. Ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, lọ́wọ́ mẹ́ruwà ló sì ń ra èyí tí wọ́n ń lò.

Mo bi í pé, “Ìyá, ṣé ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe òṣèlú ni?”

Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Ọmọ mi, ìyẹn ìyà tiwa ni. Òṣèlú ni èyí tí ẹ ń sọ ní rédíò.”

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo padà dé ibi iṣẹ́, mo kó àwọn ìwé tí a ti ka ìròyìn òwúrọ̀ láti inú wọn lórí rédíò wa fún ọ̀sẹ̀ méjì jọ, mo sì ń fi bírò sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan bọ́ sí òmíràn, àwọn tó lọ kí àwọn àgbà ìlú, ẹni tó fèsì fún ẹni tó bú u, ìwọ̀nyí ló gba iwájú lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni omi wọ inú rẹ̀, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí kànga ẹ̀rọ kan pẹ̀lú ìlù àti àsọyé. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí a fi omi pamọ́. Ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wọlé ló fà á: akọ̀ròyìn kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tẹ̀lé gómìnà, òmíràn wà fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú sì ń fi ìwé tí wọ́n ti kọ tán ránṣẹ́ sí wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rọ omi tó gbẹ kò ní agbẹnusọ tí yóò kọ ìwé ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ka ìwádìí tí àwọn onímọ̀ nípa ìròyìn méjì, Maxwell McCombs àti Donald Shaw, ṣe nígbà ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1968. Ní ìlú Chapel Hill, wọ́n bi 100 olùdìbò tí kò tíì pinnu ẹni tí wọn yóò dìbò fún léèrè ọ̀rọ̀ tó jẹ wọ́n lógún jù, wọ́n sì wo ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò gbé síwájú jù. Nígbà tí wọ́n fi méjèèjì wé ara wọn, bí àwọn oníròyìn ṣe tò ó ni àwọn olùdìbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tò ó. Ẹnìkan lè wí pé bóyá àwọn oníròyìn ló ń tẹ̀lé ọkàn aráàlú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Shanto Iyengar àti Donald Kinder, fi ìròyìn tí wọ́n ti tún tò han àwọn ènìyàn, kí ọ̀rọ̀ kan lè pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó wò ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ náà sí pàtàkì ju bí wọ́n ti kà á tẹ́lẹ̀ lọ.

Agbára yìí ní ààlà. Ohun tí ènìyàn ń fi ara rẹ̀ rí lójoojúmọ́, ìròyìn kì í lè fi bẹ́ẹ̀ gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ́kàn rẹ̀, nítorí ìyá aláta kò nílò rédíò kí ó tó mọ̀ pé omi wọ́n. Ibi tí èmi rí i pé iṣẹ́ wa ti dé lára rẹ̀ ni pé ó mọ ìyà rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n kò pè é ní òṣèlú mọ́, kò sì ní fi í díwọ̀n ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ ìròyìn náà tún ní tirẹ̀. Ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, òjò rọ̀, gọ́tà tó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kún, omi sì wọ ìsọ̀ ìyá elélùbọ́ kan. Mo débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì; èlùbọ́ náà ti di kókó inú àpò, ìyá náà sì ń fi ọwọ́ bu èyí tó kù lókè. Mo gba ẹkún rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, a sì gbé e sáfẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó pè wá lẹ́yìn rẹ̀ káàánú rẹ̀ gidigidi. Wọ́n ní àwọn ará ọjà ló ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, wọ́n ní kí ó gba kádàrá, ọ̀kan sì bẹ àwọn olówó pé kí wọ́n dá nǹkan fún un. Kò sí ẹnìkan tó dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo tún ìròyìn kan náà kọ. Mo fi ẹkún sílẹ̀, mo sọ pé Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ìtọ́jú gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, mo sọ iye ìgbà tí àwọn ará ọjà rántí pé omi ti wọ ìsọ̀ wọn, mo sì béèrè ìgbà tí wọ́n kó gọ́tà náà gbẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ alága ni àwọn tó ń pè ń dá. Ọ̀rọ̀ dída ìdọ̀tí sí gọ́tà kò parẹ́, kò sì yẹ kó parẹ́, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Iyengar rí irú èyí nínú ìwádìí rẹ̀ lórí ìṣẹ́: àwọn tó wo ìtàn tálákà kan ṣoṣo di ẹ̀bi ru tálákà náà, àwọn tó wo bí ìṣẹ́ ṣe ń gbilẹ̀ láàárín ìlú sì wo ọ̀dọ̀ ìjọba àti àwùjọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń ṣe báyìí, tí mo sì ń bẹ ẹ̀yin náà kí ẹ dán wò, ni pé kí n tó tan rédíò láàárọ̀, mo máa ń kọ ohun mẹ́ta tó ń ni wá lára ní àdúgbò sílẹ̀. Tí ìròyìn bá parí, mo máa ń wò ó bóyá ọ̀kan nínú rẹ̀ wọlé. Bí ó bá wọlé, mo máa ń tẹ́tí sí ẹni tí gbólóhùn náà fi ṣe olùṣe. “Omi ya wọ ọjà” kò ní olùṣe nínú àyàfi omi, “wọn kò kó gọ́tà” sì ti ní ẹni tí a lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bí a bá ti lè sọ ẹni tí “wọn” náà jẹ́.

Ìròyìn gọ́tà náà pé ọjọ́ mẹ́ta lórí afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, òṣèlú ńlá kan yí ẹgbẹ́ padà, gbogbo ètò náà sì yí sọ́dọ̀ rẹ̀, foonu kò sì dún nítorí gọ́tà mọ́. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ òwúrọ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó yí ẹgbẹ́ padà, mo máa ń béèrè ìgbà tí wọn yóò kó gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọjà, mo sì máa ń dárúkọ ọjà náà.