Ìwé mẹ́fà, àtẹ kan: bí kíndìnrín Ìyá Ìbejì ṣe ń lọ

Sátidé, 8 oṣù kọkànlá, 2025. Ìbàdàn.

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí, ni mo bá kó àwọn ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àbúrò ìyá mi jọ. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, oṣù tó kọjá ni dókítà kan sì sọ fún wọn pé kíndìnrín ti ń rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ya gbogbo wa lẹ́nu, nítorí kò sí ọdún tí wọn kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè tó ń dà mí láàmú: kí ló dé tí kò sẹ́ni tó rí i? Ẹ̀ka ìtọ́jú kíndìnrín ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, irú ìwé báyìí ni mo sì ń rí lójoojúmọ́. Mẹ́fà ni mo rí tó ní kíríátínì nínú, ìyẹn ìdọ̀tí láti inú iṣan ara tí kíndìnrín tó dá pé máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Mẹ́ta wá láti lábù ilé ìwòsàn ńlá, mẹ́ta láti lábù kékeré kan lẹ́bàá ọjà. Àwọn kan wà nínú báàgì, àwọn kan jẹ́ fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn ìbejì lórí Wọ́sáàpù.

Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí bí ọjọ́ bá yí, gbogbo ohun tó kù á yí. Ìwé kan láti lábù ẹ̀bá ọjà ní 07/05/2024. Ṣé ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ni, àbí ọjọ́ karùn-ún oṣù keje? Ìwé mìíràn láti lábù yẹn kan náà ló tú u: 11/23/2024 ló wà lórí rẹ̀. Kò sí oṣù kẹtàlélógún, nítorí náà oṣù ni kọ̀ǹpútà wọn ń kọ ṣáájú. Oṣù keje ni. Ìwé ilé ìwòsàn kan tún ní ọjọ́ méjì lórí: 28 oṣù kìíní tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, àti 3 oṣù kejì tí wọ́n tẹ èsì jáde. Ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ni mo mú. Òun ló sọ bí ara ṣe rí. Èkejì kàn sọ ìgbà tí akọ̀wé ráyè ni. Nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ọdún ni mo kọ ṣáájú, kí oṣù tó tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rọ má baà tún yí i pa dà fún mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ ni òṣùwọ̀n. Ilé ìwòsàn ń kọ kíríátínì ní µmol/L, lábù ẹ̀bá ọjà ń kọ ọ́ ní mg/dL. Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ìbejì nìyí. Táíwò wà ní Hiúsítìnì, mg/dL ni wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí náà 1.4 yé e, ṣùgbọ́n 130 dẹ́rù bà á. Kẹ́hìndé wà ní Mansẹ́sítà, µmol/L ni tiwọn, 1.4 kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kò le: ẹ sọ iye mg/dL di púpọ̀ lọ́nà 88.4, ó di µmol/L. 1.4 di 124. Mo sọ gbogbo rẹ̀ di µmol/L, ṣùgbọ́n mo fi iye tó wà nínú ìwé gan-an sílẹ̀ nínú òpó tirẹ̀, kí ẹlòmíràn lè yẹ ìṣirò mi wò.

Ìgbà tí mo ṣe èyí tán ni mo rí bí nǹkan ṣe sá pa mọ́. Àlà tí lábù ẹ̀bá ọjà kọ sí ẹ̀gbẹ́ èsì ni 0.6 sí 1.4, tọkùnrin tobìnrin. Ti ilé ìwòsàn jẹ́ 50 sí 120. Nínú èsì mẹ́fà, méjì péré ni wọ́n fi àmì sí pé ó ga. Àwọn tó kù, títí kan 1.4, wà láàárín àlà, ẹni tó bá sì ń wo ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ á sọ pé kò séwu. Bẹ́ẹ̀ obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tí iṣan rẹ̀ kò pọ̀ kì í ní kíríátínì 1.4 kí kíndìnrín rẹ̀ dá pé.

Ìdí nìyẹn tí kíríátínì nìkan kò fi tó, tí a fi gbọ́dọ̀ ṣírò agbára sísẹ́ ẹ̀jẹ̀, èyí tí ìwé máa ń pè ní eGFR. Ó ń wo ọjọ́ orí, ó sì ń wo bóyá obìnrin ni tàbí ọkùnrin. Ìwé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ti ṣírò rẹ̀ fún wọn: 62. Nígbà tó ti ju 60 lọ, ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n MDRD ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà, ìlànà àtijọ́ tó máa ń sọ èsì ènìyàn dúdú di púpọ̀ lọ́nà 1.212. Mo tún un ṣe, iye náà sì jáde bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ti fi ti ènìyàn dúdú kún un. Ní 2021 ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn kíndìnrín ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yéé fi àwọ̀ ara kún ìṣirò. Ìlànà tuntun, CKD-EPI 2021, fún wa ní 58. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún àtẹ ni pé kí ìlànà kan ṣoṣo wà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà mo pa gbogbo iye tí ìwé ti ṣírò tì, mo sì fi èyí ṣe é lákọ̀tun:

```
=142*(D2/88.4/0.7)^-1.2*0.9938^E2*1.012
```

D2 ni kíríátínì ní µmol/L, E2 ni ọjọ́ orí lọ́jọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tí kíríátínì rẹ̀ ju 62 µmol/L lọ nìkan ló wà fún. Ti ọkùnrin ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Àtẹ náà rèé:

| Ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ | Lábù | Iye inú ìwé | µmol/L | Ọjọ́ orí | eGFR | Àkíyèsí |
|---|---|---|---|---|---|---|
| 2024-02-12 | ilé ìwòsàn | 97 µmol/L | 97 | 60 | 58 | ara le |
| 2024-07-05 | ẹ̀bá ọjà | 1.2 mg/dL | 106 | 60 | 52 | ara le |
| 2024-11-23 | ẹ̀bá ọjà | 1.9 mg/dL | 168 | 60 | 30 | ìgbẹ́ gbuuru, díkílófénákì |
| 2025-01-28 | ilé ìwòsàn | 115 µmol/L | 115 | 61 | 47 | ara le |
| 2025-06-12 | ẹ̀bá ọjà | 1.4 mg/dL | 124 | 61 | 43 | wọ́n ti ń lo lísínọ́pírìlì láti oṣù kẹta |
| 2025-10-14 | ilé ìwòsàn | 130 µmol/L | 130 | 61 | 40 | ara le |

Òpó àkíyèsí ló gbà mí lákòókò jù. Mi ò rí i nínú ìwé kankan. Ẹnu Ìyá Ìbejì ni mo ti gbà á. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n lópin oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Àṣé o ò gbọ́? Ìgbà tí mo ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn ìnáwó Òṣogbo nìyẹn. Orúnkún náà sì ń dùn mí, mo ń lo díkílófénákì tí mo rà ní kẹ́míìsì." Ó ti yé mi. Omi ara ti tán, díkílófénákì sì ń dí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ kíndìnrín lọ́wọ́. Méjèèjì papọ̀ lè gbé kíríátínì sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí omi bá pa dà tí wọ́n sì jáwọ́ nínú oògùn náà.

Kí ni ká wá ṣe sí ìlà yẹn? Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, dókítà kò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ irú ìpalára yẹn lè fi àpá sílẹ̀. Bí mo bá sì fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ ńlá ni àtẹ á pa. Ohun tí Ìyá Ìbejì fúnra wọn ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ní, "Ṣebí 1.9 ló wà tẹ́lẹ̀, tó wá di 1.4? Ara mi ti ń yá nìyẹn." Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wà ṣáájú 1.9, mà." Láti 168 sí 130, ó jọ ìmúláradá. Láti 97 sí 130, kíndìnrín ń sọ agbára nù ni. Mo fi ìlà náà sílẹ̀, mo kùn ún láwọ̀ mìíràn, mi ò sì kà á mọ́ àwọn tó kù nígbà tí mo ń wọn bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀.

Àwọn márùn-ún tó kù ló sọ ìtàn: 58, 52, 47, 43, 40. Èjìdínlógún ló lọ láàárín ogún oṣù, ìyẹn bíi mọ́kànlá lọ́dún. Èyí tó bá ń ju márùn-ún lọ lọ́dún láìdáwọ́ dúró ni a ń pè ní èyí tó ń yára. Láti oṣù keje 2024 ni èsì méjì tó wà lábẹ́ 60 ti wà pẹ̀lú oṣù tó ju mẹ́ta lọ láàárín wọn, ohun tí a sì nílò nìyẹn láti sọ pé àìsàn kíndìnrín náà ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Mi ò tètè gba ara mi gbọ́. Lábù méjì lè fi ọ̀nà ọ̀tọ̀ wọn kíríátínì, kí ìyàtọ̀ àárín wọn dà bí àìsàn. Mo wá wo lábù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ti ilé ìwòsàn nìkan: 97, 115, 130. Ti ẹ̀bá ọjà, láìka ti ìgbẹ́ gbuuru: 1.2, 1.4. Ọ̀nà kan náà ni méjèèjì dorí kọ. Láti 43 sí 40 nìkan kò ní dá mi lójú, nítorí kíríátínì ẹni kan náà lè fi díẹ̀ yàtọ̀ láti ọjọ́ kan sí òmíràn, pàápàá bí ẹni náà bá jẹ ẹran púpọ̀ ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú. Márùn-ún tí gbogbo wọn dorí kọ ibì kan náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran.

Ọ̀rọ̀ lísínọ́pírìlì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kíríátínì sábà máa ń gòkè díẹ̀ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a kì í sì í tìtorí ìyẹn dá a dúró àyàfi bó bá fi ju 30 nínú 100 lọ. Láti 115 sí 124 jẹ́ bíi 8. Táíwò ti ń sọ pé oògùn yẹn ló ń ba kíndìnrín jẹ́, kí Màámi jù ú nù. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ara le ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó gbé oògùn náà sẹ́nu. Mo fi àtẹ hàn án, ó sì dákẹ́.

Òpó kan tún wà nínú àtẹ tèmi tí mi ò fi hàn lókè, ó ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì pinnu pé mi ò ní yọ ọ́: álíbúmìn inú ìtọ̀, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó máa jò wọ inú ìtọ̀. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n rí fún wọn, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ní. Kíríátínì ń sọ iye agbára tó kù. Álíbúmìn ló ń sọ bí asẹ́ náà ṣe ń jò tó, òun ló sì ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí tirẹ̀ fẹ́ yára bàjẹ́. Mo ti kọ ọ́ sókè ìwé náà fún dókítà tí a máa rí lọ́jọ́ Túsìdeè, mo sì kọ díkílófénákì sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n lò ó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kàn máa wáyé ní oṣù kìíní, lábù ilé ìwòsàn yẹn kan náà, láàárọ̀, láìjẹ ẹran kí wọ́n tó lọ.