Bí mo ṣe di Bàbá Oníyẹtí

Kẹ́ ẹ tó máa rò pé mo ti kúrò nídìí wẹ́dà mo ti lọ ń ta yẹtí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi.

Màmá onígààrí kan ló gbé mẹ́ṣínnì tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lafẹ́ńwá, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé bíárìn gbogbo wọn ti jẹ, ṣáfútì kàn ń jó nínú ẹ̀ bí ẹni tó ti mu ẹmu yó. Méjì méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mẹ́fà, èyí tí wọ́n sì ń tà lọ́jà, ihò bóòtù ẹ̀ ò bá férémù tiwa mu rárá. Mo ní kò burú, a máa ní kí wọ́n gbẹ́ tuntun fún wa látara alumíníọ́mù. Kì í ṣe lọ́dọ̀ mi o, torí lééti mi ti dàgbà, tó bá gbẹ́ ihò tán ẹ máa rò pé eku ló jẹ ẹ́. Ọ̀gá kan wà l'Ékòó tó ní mẹ́ṣínnì oníkọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá ti fún un ní àwòrán orí kọ̀ǹpútà, á gbẹ́ ẹ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní pólì ló yà á. Kò le, ègé alumíníọ́mù kan tí ìbú àti òró ẹ̀ jẹ́ 120 mílímítà, tó nípọn tó 30, ihò ńlá kan láàárín fún bíárìn 6205, ihò bóòtù mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún gíríìsì. Ó fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi lórí Wáṣáàpù, orúkọ ẹ̀ ni `ile_bearing_FINAL2_eleyi_gan.stl`, èmi náà sì kọ lẹ́tà mi sí Èkó, lẹ́tà àgbà:

“Ẹ káàárọ̀ ọ̀gá mi. Ẹ wo nǹkan tí mo fi ránṣẹ́. Mẹ́fà ni mo fẹ́. Èló ni jálẹ̀?”

Ó parí. Mo tiẹ̀ rò pé mo ti kọ̀wé.

Kó tó dìrọ̀lẹ́ iye owó ti dé, ẹ̀yin èèyàn, owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ kò tó owó àpò gààrí kan! Mi ò ka ìlà kejì, kí ni mo fẹ́ fi ìlà kejì ṣe, mo ti gbé fóònù pe Màmá pé ẹ má mikàn, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é, màmá ń súre lọ́hùn-ún, èmi ń ṣàmín níbí, ọmọ iṣẹ́ mi náà ń bá wa ṣàmín láìmọ ohun tá à ń ṣe é sí.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tutù lẹ́nu wa tí akọ̀wé wọn fi pè mí. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn yẹtí yín yìí, ṣé àwa la máa bá yín fi ìkọ́ sí i ni àbí ẹ̀yin lẹ máa fi sí i?”

Mo ní yẹtí bíi báwo.

Ó ní kí n wo ìlà kejì. Mo wò ó. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 4.72 × 4.72 × 1.18 mm. Ihò tí bíárìn máa wọ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà méjì lọ, eèrà lásán á fún pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Fáìlì `.stl` yẹn, àwọ̀n onígun mẹ́ta-mẹ́ta lásán ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà. Kò sọ bóyá nọ́ńbà náà jẹ́ mílímítà tàbí ínṣì. Kọ̀ǹpútà ọmọ àbúrò mi wà lórí ínṣì nígbà tó ń ṣe séèfù, ínṣì kan sì jẹ́ mílímítà 25.4, bí 120 ṣe di 4.72 nìyẹn. Àwọn ará Èkó ṣí i, wọ́n kà á sí mílímítà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì rí yẹtí.

Tó bá parí síbẹ̀ ì bá dáa. Ojú ń tì mí, mo ní kí ọmọ náà yí i padà sí mílímítà kíákíá, ó ṣe bẹ́ẹ̀, mo fi fáìlì tuntun ránṣẹ́. Àmọ́ èmi tí mo ti di ọ̀mọ̀wé lójijì, mo tún kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: “Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ínṣì ni fáìlì yìí o, ẹ bá wa yí i.” Wọ́n sì bá mi yí i lóòótọ́, wọ́n sọ 120 mílímítà di 120 ínṣì.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá náà fúnra ẹ̀ ló pè. Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń bá ẹni tára ẹ̀ ò yá sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yín yìí, mítà mẹ́ta ní ìbú, mítà mẹ́ta ní òró o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan máa tó tọ́ọ̀nù mọ́kàndínlógún. Ṣé ẹ ní kéréènì lọ́hùn-ún?”

Mo wo iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Màmá alákàrà ló wà níbẹ̀. Ibo ni kéréènì fẹ́ gbà? Èyí tí mo fẹ́ gan-an, kílò kan àti díẹ̀ ló wọ̀n kí wọ́n tó gbẹ́ ihò sí i. Àmọ́ tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ bá fi ìlọ́po 25 àti díẹ̀ tóbi sí i, ìwọ̀n ẹ̀ á di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún lé.

Ọ̀gá náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó fi húkọ́, ó wá ní kí n má fi `.stl` ránṣẹ́ mọ́, kí n fi `.step` ránṣẹ́ torí ìyẹn máa ń gbé ìwọ̀n ẹ̀ dání, ihò inú ẹ̀ sì máa ń rí roboto dáadáa. Ó ní kí n fi àwòrán `.pdf` kún un, torí àwọn nǹkan kan wà tí fáìlì náà ò ní sọ fún òun. Bí ihò gíríìsì, mílímítà márùn-ún lásán lòún máa rí níbẹ̀, báwo lòún ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ní ẹyọ, ìyẹn ìlà tí bóòtù ń gbà lọ́ wọlé? Bí mo ṣe jókòó tún lẹ́tà kọ nìyẹn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ilé bíárìn fún mẹ́ṣínnì ẹ̀gẹ́, mẹ́fà. Ẹ ó rí `.step` kan àti `.pdf` kan. Mílímítà ni gbogbo ẹ̀: 120, 120, 30. Tẹ́ ẹ bá rí òmíràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí. Alumíníọ́mù 6061 ni. Ihò bíárìn ò gbọdọ̀ kéré sí 52.00, kò gbọdọ̀ ju 52.03 lọ, jíjìn ẹ̀ jẹ́ 15. Ẹ fi ẹyọ M6 sí ihò gíríìsì. Ibi tó kù, bó fi 0.2 lé tàbí dín, kò sí ìjà. Ẹ má bá wa dán ara ẹ̀, inú ẹ̀gẹ́ ló ń lọ. Ẹ ya owó alumíníọ́mù sọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tó máa ṣeé gbà.”

Ìlà ibi tó kù yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Ó ní tí mo bá ní kóun fi ìwọ̀n fínnífínní yẹn ṣe gbogbo ara ẹ̀, òun á gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ mi dáadáa.

Iye owó tòótọ́ dé, ó ju àpò gààrí kan lọ o, ẹ má bi mí bí mo ṣe sọ ọ́ fún Màmá. Ó gba àdúrà rẹ̀ padà díẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹrù wá dé, bíárìn fi ọwọ́ ti wọlé, ó dúró ṣinṣin. Mo ń kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde nínú páálí ni mo rí nǹkan kékeré kan tí wọ́n wé sínú ọ̀rá. Ilé bíárìn kan ṣoṣo, mílímítà mẹ́rin àti díẹ̀, pẹ̀lú ihò ẹ̀ láàárín, wọ́n ti fi ìkọ́ wáyà sí i. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá náà pé: “Fún Bàbá Oníyẹtí.”

Mo gbé e fún ìyàwó mi. Ó fi sétí, ó wo dígí, ó yíjú sí mi.

“Ìkejì ńkọ́?”