Kí ẹ tó la ẹnu láàárín àwọn àgbà

Ẹ̀yin àbúrò mi, ó di ọdún 15 tí mo ti ń lọ láti ìlú dé ìlú nílẹ̀ Ọ̀kun, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọ̀kan nínú yín tó wọ ààfin, tó na ọwọ́ sí ìjòyè pé kí wọ́n bọ òun lọ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ kí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọdún àkọ́kọ́ mi ni, ní ìlú kan ní Ìjùmú. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan jókòó sórí àga ńlá tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Kábíyèsí o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rò pé wọn ò gbọ́, mo bá tún un pè. Bàbá náà kọjú sí ògiri. Ọba wà lápá òsì, fìlà lásán ló dé, ọ̀pọ̀ àwọn ìjòyè ló sì dàgbà jù ú lọ. Mo dìde, mo sọ orúkọ mi àti ìwé-ẹ̀rí mi. Ẹnì kan ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo dárúkọ ọ́fíìsì wa. Ó ní, "A ò béèrè ọ́fíìsì." Ọba dìde, ó wọlé. A gbé àpótí abẹ́rẹ́ wa padà sílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi sí abẹ́rẹ́ ní ìlú náà.

Ọ̀gá tó mú mi lọ mọ ẹni tó jẹ́ ọba. Nínú mọ́tò ló tó sọ pé, "O máa kọ́gbọ́n." Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ ti béèrè: ta ló wà nínú ilé, oyè wo ni kálukú wọn jẹ? Oyè ló ń tò wọ́n, kì í ṣe ewú. Bí Ọbaro tó jẹ́ ọba Kàbà bá jókòó pẹ̀lú Ọbadọ̀fin àti Ọbajẹmu, ẹ kò gbọdọ̀ kí wọn bó ṣe wù yín. Ọba nìkan ni Kábíyèsí. Oyè tí ìjòyè jẹ ni kí ẹ fi kí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wá kí gbogbo ilé: "Ọ̀kun o." Ìkíni yìí la fi ń pe gbogbo wa. Ẹ dúró kí wọ́n dáhùn. Orúkọ bàbá yín àti ìlú rẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà ẹni tó rán yín, kí iṣẹ́ tó tẹ̀lé e.

Ìgbà tí mo padà lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló mú mi wọlé pẹ̀lú obì. Mo kí ọba, mo kí àwọn ìjòyè, mo ní, "Ọ̀kun o." Gbogbo ilé dáhùn. Mo dárúkọ bàbá mi. Bàbá onírùngbọ̀n yẹn wò mí títí, ó ní, "Mo mọ bàbá tó bí bàbá rẹ. Jókòó."