Ọjọ́ Ìsinmi Mélòó Ló Tó fún Ẹni tí Irin Gbígbé Kì í Ṣe Iṣẹ́ Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sí jíìmù kékeré tí mò ń bójú tó ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í díje, wọn kì í sì í fi irin gbígbé jẹun. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára wọn ni pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó irú wọn gbé irin, kí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́rin yòókù sinmi. Kì í ṣe ìgbà tí irin wà lọ́wọ́ ni iṣan ń le, bí kò ṣe ìgbà tí ara bá ń tún un ṣe lẹ́yìn náà, iṣan tí a bá sì lò dáadáa máa ń fẹ́ tó wákàtí 48, nígbà mìíràn 72, kí a tó tún fi gbé ohun tó wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lè pín ara sí méjì, kí ó fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kí ó sì fi àyà àti apá ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bá ń múra Ojúde Ọba, ojoojúmọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá, bẹ́ẹ̀ agbádá ni wọn yóò fi bo gbogbo iṣan náà mọ́lẹ̀.

Nínú wọn ni àbúrò kan wà tó ń mọ búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó sì tún ń wá gbé irin lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìwé tí mo ní kí olúkúlùkù máa kọ ohun tó bá gbé sí ló kọ́kọ́ tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti máa ń gbé 90 kílò lé èjìká lóṣòó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń lè ṣe é, kò sì ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ tí 80 kílò pàápàá fi di ẹrù. Ó rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe òun, ó bá fi kún iye ìgbà tó ń gbé e. Oorun rẹ̀ ń já lóru, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ń bí i nínú, ìkọ́kọrẹ́ tó fẹ́ràn kò sì wù ú jẹ tán mọ́.

Ní ọjọ́ kan ó wí fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibà yìí ò lọ o, mo ti lo oògùn ẹ̀ẹ̀mejì.”

Mo bi í pé, “Ṣé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò?”

Wọn kò yẹ ẹ́ wò. Kẹ́mísì ló ti ra oògùn náà. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyẹn, nítorí ara ríro, àárẹ̀ àti àìlèjẹun wà nínú ibà, wọ́n sì wà nínú irin gbígbé àṣejù. Mo ní kí ó máa fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bó bá ti jí, kí ó tó dìde lórí ibùsùn, kí ó ka bí iṣan ṣe ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń wà ní nǹkan bí 60. Lákòókò yìí, ó ń lé ní 70 láràárọ̀. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo kò lè jẹ́ ẹ̀rí, nítorí àìsùn tàbí àníyàn lè fà á. Ara ríro lásán náà kò tó ẹ̀rí, torí ó máa ń dé bá ẹni tó bá ṣe ohun tuntun, yóò sì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí mo máa ń wò ni agbára tó ń dín kù fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àìsùn, ìbínú tàbí ọ̀fìnkìn tí kì í lọ bọ̀rọ̀ bá kún un.

Ó fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi pátápátá lọ́dọ̀ wa, àfi ìrìn ẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì iye ìgbà tó ti máa ń gbé irin ló ṣe, pẹ̀lú irin tó fúyẹ́. Bí ìyẹn kò bá mú àyípadà wá, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àwọn àìsàn mìíràn máa ń farahàn báyìí; àṣejù tó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ara tó bọ̀ sípò kò sì wọ́pọ̀ láàárín irú wa. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn irin gbígbé, tí iṣan rẹ̀ sì wú tó ń ro ó gan-an, kí ó má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan: ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu.

Agbára àbúrò náà padà díẹ̀díẹ̀, ó sì tún gbé 90 kílò lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọjọ́rú àti ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ló ń wá báyìí, nítorí mo ka búlọ́ọ̀kù mọ́ irin fún un. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọjọ́ kẹta kún un. Mo ní kí òjò kọ́kọ́ dé, kí iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù rọlẹ̀ ná.