Nígbà tí ìkànnì àti báǹkì ò sọ iye kan náà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìkànnì fún àjọ aláàánú, ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe jù lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn ọ̀nà tí owó tí ẹnì kan fi ta àjọ lọ́rẹ ń gbà di ìlà kan nínú ìròyìn tó ń lọ sọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́.

Àjọ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ń gba owó fún nǹkan méjì: ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin àti omi mímu. Onígbọ̀wọ́ kan ṣèlérí pé iyekíye tí àwọn èèyàn bá dá fún ẹ̀kọ́, òun á fi iye kan náà kún un. Nígbà tí ìròyìn tó kọ, ìkànnì wa ní 50,000 ló wọlé fún ẹ̀kọ́, báǹkì ní 44,620. Akápò pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n kọ?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi yẹ gbogbo ìlà wò. Owó mẹ́ta, 1,000 kọ̀ọ̀kan, ni a kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí èèyàn bá sanwó tán, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó máa ń ránṣẹ́ sí sáfà wa. Wẹ́ẹ̀búhúùkù ni à ń pe iṣẹ́ tí wọ́n rán yìí. Bí sáfà ò bá tètè dáhùn pé òun ti gbà á, wọ́n á tún un rán. Èmi sì ti ṣètò kí sáfà fi ìmeèlì ìdúpẹ́ ránṣẹ́ ná kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ tí ìmeèlì bá falẹ̀, iṣẹ́ kan náà á dé lẹ́ẹ̀kejì, a ó sì kà á sí owó tuntun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnì kan gba 1,000 rẹ̀ padà, kò sì síbi tí mo ṣe fún owó tó padà. Ohun tó wá ṣẹ́kù, 1,380, ni owó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, 3 nínú 100 lórí 46,000.

Nítorí náà, 46,000 ni àwọn èèyàn dá, 44,620 ló dé ọwọ́ àjọ. Òótọ́ ni méjèèjì. Èwo ni onígbọ̀wọ́ fẹ́ fi kún? Ẹ bi í kó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ ohun tí détábéèsì yín gbọ́dọ̀ tọ́jú. Bí mo ṣe tún tèmi ṣe rèé:

```sql
CREATE TABLE donations (
  gateway_ref  TEXT PRIMARY KEY,
  kind         TEXT NOT NULL,
  project_code TEXT NOT NULL,
  gross_minor  BIGINT NOT NULL,
  fee_minor    BIGINT NOT NULL,
  paid_at      TIMESTAMPTZ NOT NULL
);
```

Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà fún owó kọ̀ọ̀kan ló wà nínú `gateway_ref`, kò sì lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì, bó ti wù kí wọ́n rán an tó. `gross_minor` ni iye tí èèyàn dá, `fee_minor` ni owó iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ẹyọ owó tó kéré jù, bíi kọ́bọ̀, la fi ka méjèèjì. Ní báyìí, sáfà á kọ owó sílẹ̀, á dáhùn, lẹ́yìn náà ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìmeèlì ránṣẹ́. Owó tó padà ní nọ́ńbà àti ìlà tirẹ̀, `kind` ló ń fi hàn pé ó padà, iye rẹ̀ á sì wà lábẹ́ òdo. Ẹ má pa ìlà àtijọ́ rẹ́, torí ìròyìn tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ dúró lé e lórí. Ẹ má sì ka owó láti ojú-ìwé ìdúpẹ́: ẹlòmíì á sanwó, á sì ti fóònù rẹ̀ pa kí ojú-ìwé náà tó ṣí.

`project_code` ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àkọlé ojú-ìwé ni mo fi ń mọ iṣẹ́ tí owó wà fún. Lọ́jọ́ kan, olóòtú yí àkọlé padà, owó ọdún tó kọjá sì bọ́ sábẹ́ orúkọ tuntun. Ní báyìí, kóòdù á wọlé pẹ̀lú owó lọ́jọ́ tí wọ́n san án, kò sì ní yí mọ́. Ẹni tí kò bá yan iṣẹ́ kankan, `GEN` ni tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fojú díwọ̀n gbé e síbòmíì.

Mo fi kóòdù kan náà sára ìtàn àwọn tí iṣẹ́ náà ṣe láǹfààní, kí akápò lè rí owó àti ìtàn iṣẹ́ kan pa pọ̀. Àmọ́ ìtàn ní ewu tí owó ò ní. Ìyá ọmọbìnrin kan ní ká yọ fọ́tò ọmọ òun kúrò, torí orúkọ ilé-ìwé hàn lára aṣọ rẹ̀. Mo yọ ojú-ìwé náà lọ́gán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi hàn mí pé fọ́tò náà ṣì ń ṣí bí èèyàn bá tẹ àdírẹ́sì fáìlì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí a kọ ọjọ́ ìyọ̀ǹda sí, ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún, ìkànnì nìkan ni tàbí ìròyìn pẹ̀lú, àti orúkọ gbogbo fáìlì tó bá a lọ. Bí wọ́n bá ní ká mú un kúrò, gbogbo fáìlì yẹn ni à ń pa rẹ́, èmi fúnra mi á sì tẹ àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan wò kí n tó pe ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ padà.